Ìlà pupa lábẹ́ Ìyálọ́jà

Lọ́dún 2023, wọ́n bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sìkọ́láṣíìpù, kò sì rí i dáhùn. Àwọn mẹ́ta ló ń wò ó láti inú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó wà láàárín wọn ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Ó ní, nínú àròkọ rẹ, o sọ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀gá rẹ tó jẹ́rìí rẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tiwọn pé ìgbà mọ́kànlélógún lẹ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá péré ló wà nínú oṣù mẹ́ta. Èwo ni ká mú?

Ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ni ẹnu òun gbẹ. "Àǹtí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ wà nínú ohun tí mo kọ. Mo kàn ń rò ó pé níbo ló ti wá."

Wọn ò fún un. N kò ní sọ pé ìbéèrè yẹn ló fà á, nítorí wọn kì í sọ ìdí fún èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yí po, tí ó tún fẹ́ gbìyànjú, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá bá mi ní Ìbàdàn, a sì jókòó tì í fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì yẹn ló là mí lójú sí ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè ṣe fún ọmọ Yorùbá, àti ohun tí wọn ò lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Ibùdó ìlera kékeré kan ní Òkè-Ògùn ló ti ṣiṣẹ́ lọ́dún 2022, ibẹ̀ náà ló sì fi kọ àròkọ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní kí ó sọ ìgbà kan tí ó ṣe aṣáájú. Ó gbé ìwé méjì ka orí tábìlì ìjẹun mi. Ọ̀kan ni ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù tí ó kọ́kọ́ fi bírò kọ èrò rẹ̀ sí. Èkejì ni èyí tó fi ránṣẹ́ gan-an, tí ó tẹ̀ jáde láti inú fọ́ọ̀mù. Ohun tó fi bírò kọ nìyí:

```
Mothers were coming severally and meeting no vaccine.
The market holds every five days. I and Matron went
to the Iyaloja and we agreed that immunisation will
hold on market day.
```

Ohun tó fi ránṣẹ́ sì nìyí:

```
I spearheaded a weekly community outreach initiative,
engaging local stakeholders to address critical gaps
in vaccine accessibility.
```

Mo ka èkejì lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń máàkì, n kò ní rí ibi tí màá fi bírò pupa sí. Ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà ti kúrò níbẹ̀, mátírọ́ọ̀nù ti kúrò níbẹ̀, àwọn ìyá ọmọ ti kúrò níbẹ̀, ọjọ́ ọjà ti di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn kò lè mọ̀ bóyá Òkè-Ògùn ló ti ṣẹlẹ̀ tàbí Íńdíà.

Mo bi í bí ti àkọ́kọ́ ṣe di ti èkejì. Ó ní òun kọ́kọ́ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ gírámà wò. Ẹ̀rọ yẹn fa ìlà pupa sábẹ́ "Iyaloja", ó tún fa òmíràn sábẹ́ "immunisation", ó sì ní gbólóhùn kan kò wọ̀ dáadáa. Ẹ̀rù bà á. Ó wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ń tún ìwé kọ látòkèdélẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì tó ní kí ó mú un dára sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ń dán sí i, ohun tó ń sọ sì ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìlà pupa yẹn ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ̀rọ fa ìlà sábẹ́ wọn, kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú wọn. "Iyaloja" kò sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tó gbé sínú, ló ṣe fa ìlà sí i. "Immunisation" tọ̀nà fún àwọn ará Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, "z" ló sì ń retí. Àwọn ibi tí òǹkàwé tó wà lókè òkun ti máa ṣi gbólóhùn náà gbọ́, tí mo kà tó márùn-ún, ẹ̀rọ kò fa nǹkan kan sábẹ́ wọn. Ó fò wọ́n bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ gírámà ń ṣọ́ àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti ṣe rí, tí ẹnì kan sì ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ó ti rí lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ wo LanguageTool, tí Daniel Naber bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2003. Ọ̀kan lára àwọn tí mo fẹ́ràn ni, torí pé ẹnikẹ́ni lè ṣí òfin inú rẹ̀ wò, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni láìsí dátà, kí ìtàn ayé ẹni má baà máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà ló ní kí èèyàn yàn nínú rẹ̀: ti Amẹ́ríkà, ti Ìlú Ọba, ti Kánádà, ti Ọsirélíà, ti Niu Sílándì àti ti Gúúsù Áfíríkà. Ti Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ó tún ní ibì kan tí èèyàn ti lè sọ èdè abínibí rẹ̀. Tí ọmọ Jámánì bá sọ pé Jámánì ni òun, ẹ̀rọ náà á máa kìlọ̀ fún un nípa àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará ilé rẹ̀ sábà máa ń ṣì lò, nítorí pé ó jọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì jókòó kọ òfin náà fún wa.

Torí náà, èmi àti ọmọ náà la jókòó kọ ọ́, lórí ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn.

Mo ní kó ka gbólóhùn kìíní fún mi ní Yorùbá. Ó ní: "Àwọn ìyá ọmọ ń wá lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò sì bá àjẹsára." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe jáde sí Gẹ̀ẹ́sì. "Ń" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì: "ó ń wá" lè jẹ́ pé ó wà lójú ọ̀nà nísinsìnyí, ó sì lè jẹ́ pé ìṣe rẹ̀ ni kó máa wá. "Were coming" kò lè ṣe iṣẹ́ kejì yẹn tó bẹ́ẹ̀ lójú Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkàwé á máa retí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà. "Bá" tiwa náà gba èèyàn àti nǹkan pọ̀: mo bá a nílé, mi ò bá oúnjẹ nínú ìkòkò. "Meet" kò gba oúnjẹ, kò sì gba àjẹsára. Ẹ̀rọ kò rí méjèèjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni wọ́n, wọ́n sì wà ní àyè tí irú wọn máa ń wà.

"Severally" ló gbà wá lákòókò jù. Lọ́dọ̀ wa, lọ́pọ̀ ìgbà ni, gbogbo wa la sì ń lò ó bẹ́ẹ̀, láti orí pásítọ̀ dé orí gómìnà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tiẹ̀ gbà á wọlé pẹ̀lú ìtumọ̀ tiwa, òun àti "next tomorrow" àti okada àti danfo. Nítorí náà n kò sọ fún ọmọ náà pé àṣìṣe ni. Mo sọ fún un pé ẹni tó máa ka ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè má tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan ni, kálukú lọ́tọ̀, bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè. Á rò pé àwọn ìyá náà ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kò retí. Mo ní, "Ṣé lọ́kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń wá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

"Ṣebí o ní kò sí àjẹsára ni?"

"Ó wà, Àǹtí. Inú fíríìjì ló wà."

"Kí ló wá dé tí wọn ò bá a?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ìgò àjẹsára èéyi kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí mẹ́fà péré ló kù fún un, lẹ́yìn náà dídànù ni. Tí ìyá méjì bá gbé ọmọ méjì wá láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á máa rò ó pé bí òun bá ṣí i, ti ọmọ mẹ́jọ ṣòfò nìyẹn. Wọ́n á ní kí wọ́n padà wá nígbà tí àwọn ọmọ bá pọ̀. Ìyá tó rìn láti oko wá kò ní padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà nìyẹn: ọjọ́ ọjà nìkan ni ọjọ́ tí ọmọ mẹ́wàá máa wà níbì kan náà láàárín wákàtí mẹ́fà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ pè wọ́n.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ìdá kan nínú rẹ̀ tó wọ inú àròkọ rẹ̀. Kò sí nínú ti bírò, nítorí ó rò pé kálukú ló mọ̀ ọ́n. Kò sí nínú ti ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kò lè mú ohun tí a kò fi síwájú rẹ̀ jáde. Ó gba "meeting no vaccine" wọlé, ó sì fi aṣọ olówó ńlá wọ̀ ọ́, ó pè é ní àlàfo nínú rírí àjẹsára gbà. Bí ó ṣe ṣe é náà kò tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí àjẹsára wà nínú fíríìjì.

A wá dé orí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjà ọrọọrún ni ọjà yẹn. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń pè é: ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́. Wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjọ́ tó ṣáájú àná, ìjẹta la ń pè é, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì máa kà sí ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Tí a bá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, ọ̀sẹ̀ kan ni, ọjọ́ méje Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọjà bá wáyé lónìí Ọjọ́ Ajé, a ó ka òní, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, a ó sì kà á dé Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà tún wáyé. Márùn-ún ni lẹ́nu wa. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ mẹ́rin ni. Nítorí náà, "every five days" tí ọmọ náà fi bírò kọ kò tọ̀nà, ó fi ọjọ́ kan lé e. Ẹ̀rọ atúnkọ wá gbé e lé ọjọ́ méje.

Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn hun gbólóhùn ni. Nínú òkìtì ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ ọ, ètò ìlera ìgbèríko tó ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Èyí tó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ṣọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó bínú sí Òkè-Ògùn níbẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ló fà á mọ́ra. Ohun tó sì jẹ́ tiwa nìkan, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Mo ní kí a ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje dé ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 92 ni. Tí a bá fi mẹ́rin pín in, ọjà 23 ló wáyé. Lẹ́tà mátírọ́ọ̀nù sọ pé ìgbà 21. Ọmọ náà pè wọ́n lórí fóònù láti inú pálọ̀ mi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ọdún 2022 yẹn, ṣé gbogbo ọjọ́ ọjà la jáde?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé. Wọ́n ní ọjọ́ méjì la kò jáde, òjò ló dí ọ̀kan, ọjọ́ kejì yìnyín ò sí láti fi gbé àjẹsára. Mẹ́tàlélógún, yọ méjì kúrò, mọ́kànlélógún. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu rẹ́gí. Ìdáhùn ìbéèrè ọdún tó kọjá wà nínú ìwé mátírọ́ọ̀nù láti ọjọ́ yìí wá, ó wà lórí ahọ́n ọmọ náà pàápàá. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi í lé lórí kì í ṣe tirẹ̀ ni kò fi rántí.

Ọjọ́ kejì la tó kọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún ìyá rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù. Ó sọ, ó kọ, ó pa rẹ́, ó tún kọ. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, ó ti kọ ọ́ tán. Bó ṣe rí nìyí, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gírámà ti bá a mú àwọn àṣìṣe kéékèèké kúrò:

```
Mothers came again and again and were sent home.
A measles vial holds ten doses and must be thrown
away six hours after mixing, so we did not open it
for two children. Matron and I went to the Iyaloja,
the woman who heads the market. She agreed that we
would vaccinate on market day, every fourth day.
From July to September we held 21 sessions.
```

Ìgbà tó kọ ọ́ tán la tó pe ẹ̀rọ gírámà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní kí wọ́n jù ú nù, nítorí iṣẹ́ tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀. A kọ́kọ́ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba. Ọmọ náà ti kọ "did not opened". Ó mú un. Ó ti kọ "A measle vial". Ó mú un. Níbì kan nísàlẹ̀, ó ti gbàgbé "the" lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ojú mi fò. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú wa kì í tètè rí i pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ rí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ní iye lórí. Emma Wiles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, lórí ọjà iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń tún ìwé ìwáṣẹ́ wọn yẹ̀ wò, wọn ò fún àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n fún fi nǹkan bí ìpín mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún rí iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ kò sì sọ pé iṣẹ́ wọn kò dára tó. Ẹni tó mọ iṣẹ́, tí àṣìṣe kékeré ń bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà wúlò fún un.

Ohun tí mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ ni pé kó má ṣe tẹ bọ́tìnì tó ń gba gbogbo àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà láéláé. Kó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó bi ara rẹ̀ bóyá orúkọ ti kúrò, bóyá iye ti yí padà, bóyá ẹni tó ṣe nǹkan náà ti yí padà. Ẹ̀rọ náà ní kó mú "were sent home" kúrò, kó sọ ẹni tó lé wọn padà. Ó bi mí. Mo ní, "Ta ló lé wọn?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àwa náà ni, Àǹtí." A fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé gbólóhùn tó tẹ̀lé e ti sọ pé àwa ni a kò ṣí ìgò náà.

Ibì kan tún wà tí ẹ̀rọ kò fi lè ràn án lọ́wọ́, tí mo sì ń rí nínú ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ní ìpínrọ̀ tó kàn, ó kọ ọ́ pé "Matron said they will follow me." Mátírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni. "Wọ́n" ọ̀wọ̀ ni. Òǹkàwé á máa wá àwọn ẹlòmíràn kiri nínú gbólóhùn náà. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ayé òde òní gba "they" fún ẹnì kan. Àbùkù kejì tó fara pẹ́ ẹ ni ti "ó" tiwa, tí kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo ti ka àròkọ tí ìyá ẹni tó kọ ọ́ di "he" láàárín ọ̀nà, tí ẹ̀rọ kò rí i, nítorí kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ojú èèyàn ló ń mú ìyẹn. Tí kò bá sí èèyàn nítòsí, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè ketekete, kó sì fi ìka tọ́ka sí gbogbo "he", "she" àti "they" kan lẹ́yìn òmíràn, kó máa dárúkọ ẹni tí wọ́n dúró fún.

Ohun kan ṣì kù tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́, n kò sì lè kọ èyí kí n má fi kún un. Àwọn tó ń gba ìwé ti ń lo ẹ̀rọ tó ń dá ìwé tí ẹ̀rọ kọ mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wo bí ó ṣe rọrùn tó láti sọ ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Tí ó bá rọrùn jù, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ló ní lọ́wọ́, gbólóhùn kúkúrú ló ń kọ. Lọ́dún 2023, Weixin Liang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford mú àròkọ TOEFL 91 tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọ́n gbé wọn fún irú ẹ̀rọ méje. Bí a bá pa ti méjèèje pọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú 91, 89 ni ó kéré tán ẹ̀rọ kan fẹ̀sùn kàn. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n ní kí ChatGPT bá wọn fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwọn àròkọ náà lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀sùn náà já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹni tó gbé e fún ẹ̀rọ ló bọ́. Ilé iṣẹ́ OpenAI pàápàá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún yẹn, wọ́n sì gbé e wọlé padà ní oṣù keje, torí pé kì í sábà sọ òótọ́.

Bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò ṣe bọ́, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá náà kò bọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, gbajúmọ̀ olùdókòwò kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òun, òun sì rí "delve" nínú rẹ̀. Ìyẹn fi hàn án pé ChatGPT ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn fún ọjọ́ púpọ̀. Mo kà á pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fún ní máàkì. Ìwé ọ̀rọ̀ tuntun ni gbogbo wọn ń gbé kiri, mo sì ń gbóríyìn fún ẹni tó bá lò ó níbi tó yẹ.

Torí náà, ẹ pa ẹ̀rí mọ́. Kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú Google Docs, ẹ jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú fáìlì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá tẹ File, tí ẹ sì tẹ Version history, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á rí i bó ṣe dàgbà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ má kọ ọ́ síbòmíràn kí ẹ wá gbé e wọlé lódindi, nítorí bí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe ni yóò rí. Kí ẹ sì tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan, ẹ ka òfin sìkọ́láṣíìpù náà. Kò sí èyí tó jọra. Àwọn ti Rhodes máa ń ní kí èèyàn fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun ló kọ àròkọ òun. Àwọn mìíràn gbà kí ẹ̀rọ tún gírámà ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kó kọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ó bi mí bóyá kí òun yọ "Iyaloja" kúrò, kí òun fi "market leader" sí i, torí pé ìlà pupa ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ni mátírọ́ọ̀nù ń pè wọ́n? Ó ní Ìyálọ́jà. Kí ni àwọn ìyá ọmọ ń pè wọ́n? Ìyálọ́jà. Mo fi hàn án bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí á fi yan kí ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ náà kún àkójọ tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà parẹ́.

Ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó fi sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi, ó ní tí wọ́n bá tún pe òun, òun á wá gbà á kí òun tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà.